Bí a ṣe ń sọ síláìdì olùkọ́ di nóòtì ìdánwò: ẹlásítísítì dìmáǹdì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Síláìdì tí olùkọ́ fi ń kọ́ yín ní kíláàsì kì í ṣe ìwé. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi ń rántí ohun tó fẹ́ sọ ni. Ó lè kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin síbẹ̀, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Nígbà tí fáìlì náà bá wá dé orí Wásáàpù kíláàsì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn nìkan ló dé. Àlàyé oníṣẹ́jú mẹ́wàá ti bá afẹ́fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ àlàyé yẹn gan-an ni ìdánwò máa ń béèrè. Ẹni tó bá da síláìdì kọ sínú ìwé, kódà kó fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta kọ ọ́, kò tíì ní nóòtì. Ohun tó já bọ́ láàárín ìlà kan sí èkejì ni nóòtì wà láti dá padà.

Síláìdì kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ìmọ̀ràn tí kò bá kan ohun kan pàtó kì í wúlò fún ẹni tó ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹlásítísítì dìmáǹdì ni, ìyẹn bí àwọn oníbàárà ṣe ń sá tó nígbà tí owó ọjà bá yí padà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó tàbí ètò òwò tí kò ní pàdé rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Síláìdì náà sábà máa ń rí báyìí: àkọlé wà lókè, orúkọ Alfred Marshall, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti ọdún 1890 tí ìwé rẹ̀ jáde wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni fọ́múlà yìí:

```
PED = %ΔQ ÷ %ΔP
```

PED ni ẹlásítísítì náà, Q ni iye ọjà, P ni owó rẹ̀, Δ sì ni ìyípadà. Lẹ́yìn fọ́múlà, ìlà mẹ́ta: ó ju 1 lọ, kò tó 1, ó jẹ́ 1 gééré. Nísàlẹ̀ pátápátá, ohun mẹ́rin tó ń pinnu rẹ̀: àrọ́pò, kòṣeémàní, ìpín nínú owó ẹni, àkókò. Ó parí. Ẹni tí kò wá sí kíláàsì lọ́jọ́ yẹn á wò ó títí, kò ní rí nǹkan kan dì mú.

Ìbéèrè àtijọ́ ni kí o kọ́kọ́ kà

Kí o tó kọ ohunkóhun, wá ìbéèrè ìdánwò ọdún mélòó kan sẹ́yìn, pàápàá èyí tí olùkọ́ tó ń kọ́ yín báyìí ṣe. Má kà á nítorí pé o retí kí wọ́n tún un bi. Ohun tí wàá máa ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ṣé “sọ ìtumọ̀” ni olùkọ́ yìí fẹ́ràn, àbí “fi ìyàtọ̀ hàn”, àbí “ṣírò, kí o sì ṣàlàyé ohun tí ìdáhùn rẹ túmọ̀ sí”? Olùkọ́ tó bá máa ń ní kí ẹ ṣírò ń sọ fún ọ pé nóòtì tí kò ní ìṣirò nínú kò ní gbà ọ́. Èyí tó bá máa ń ní kí ẹ gba oníṣòwò nímọ̀ràn ń sọ ohun mìíràn. Kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí orí ìwé rẹ kí o tó ṣí síláìdì, nítorí àwọn ni yóò pinnu ibi tí wàá ti gùn àti ibi tí wàá ti gé e kúrú.

Mú ìlànà kọ́ọ̀sì tí wọ́n pín ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́mẹ́sítà sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú. Bí orí-ọ̀rọ̀ kan bá gba ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀, tí òmíràn sì pín ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú nǹkan méjì mìíràn, ó yé ọ ibi tí agbára yẹ kó lọ.

Sọ àkọlé di ìbéèrè

Síláìdì ogójì kì í ṣe ogójì ẹ̀kọ́. Tò wọ́n pọ̀: èyí tó jẹ́ àkọlé lásán, èyí tó tún ọ̀rọ̀ tàná sọ, èyí tó jẹ́ àwòrán ohun tí síláìdì tó ṣáájú ti sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá rí i pé ìbéèrè márùn-ún tàbí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ ń dáhùn. Ìbéèrè wọ̀nyí ni kí o fi ṣe àkọlé nóòtì rẹ. Dípò “Ẹlásítísítì dìmáǹdì”, kọ “Bí owó ọjà bá gbẹ́sẹ̀ sókè, báwo ni àwọn oníbàárà ṣe máa sá tó?” Dípò “Ohun tó ń pinnu rẹ̀”, kọ “Kí ló dé tí wọ́n fi ń sá fún ọjà kan, tí wọn kì í sá fún òmíràn?”

Fún ojú ìwé, fa ìlà kan lulẹ̀ ní apá òsì, kí àyè kékeré wà níbẹ̀ fún ìbéèrè, kí àlàyé sì wà ní apá ọ̀tún tó fẹ̀ jù. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Walter Pauk ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ní bíi ọdún 1950 sí 1959. Àǹfààní rẹ̀ ni pé o lè fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún, kí o ka ìbéèrè tó wà lósì, kí o sì dá ara rẹ lóhùn.

Ìtumọ̀: yọ ẹyọ kan kúrò, kí o wo ohun tó bàjẹ́

Ìdánwò yín, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Nítorí náà, kọ ìtumọ̀ tí olùkọ́ fún yín sílẹ̀ bó ṣe wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìlà kan péré. Lábẹ́ rẹ̀ ni kí o ti fi Yorùbá yé ara rẹ. Kò sí òfin tó ní kí nóòtì rẹ sọ èdè tí olùkọ́ ń sọ. Ohun tí wàá kọ lè rí báyìí: ẹlásítísítì dìmáǹdì ni ìwọ̀n bí iye ọjà tí àwọn ènìyàn fẹ́ rà ṣe yí padà ní ìdá ọgọ́rùn-ún, tí a bá fi wé bí owó ọjà náà ṣe yí padà ní ìdá ọgọ́rùn-ún, tí gbogbo nǹkan yòókù sì dúró bó ṣe wà.

Ìtumọ̀ yìí ní egungun mẹ́ta. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ó yé wa ni kí a máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yọ “ìdá ọgọ́rùn-ún” kúrò. Kí ló bàjẹ́? Ká ní ìyá oníráìsì kan ń ta 400 kóńgò lóṣù, tí owó gun, tó wá ń ta 360. Bó bá fi kóńgò kà á, ogójì ló dín. Bó bá fi àpò kà á, nọ́ńbà kékeré ló máa rí. Ọjà kan náà ni, oníbàárà kan náà ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti yàtọ̀ nítorí ohun tó fi wọ̀n ọ́n. Ní ìdá ọgọ́rùn-ún, 10% ni, ìbáà fi kóńgò tàbí àpò kà á. Ìdí nìyẹn tí a tún fi lè fi ráìsì wé aṣọ tàbí epo. Ìlà kékeré yìí kò sí lórí síláìdì, òun sì ni “ṣàlàyé ìdí tí a fi ń lo ìdá ọgọ́rùn-ún” ń wá.

Yọ “gbogbo nǹkan yòókù dúró” kúrò. Ká ní owó búrẹ́dì gun ní ọ̀sẹ̀ tí iléèwé wọlé, àwọn ìyá ń ra búrẹ́dì sínú àpò ọmọ, ọjà sì tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá rántí egungun yìí á ní owó tó gun ló jẹ́ kó tà. Iléèwé tó wọlé ló jẹ́ kó tà.

Yọ “tí a bá fi wé owó” kúrò, o kò mọ ohun tó fa ìyípadà mọ́. Ó lè jẹ́ owó oṣù àwọn oníbàárà ló yí padà, ẹlásítísítì mìíràn sì nìyẹn.

Àwọn ìlà tó sọ nípa 1 náà ń fẹ́ àlàyé, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Bó bá ju 1 lọ, àwọn oníbàárà ń sá ju bí owó ṣe gun lọ. Bí kò bá tó 1, wọ́n ń sá díẹ̀ ni. Àmì ìyọkúrò tó máa ń jáde nínú ìṣirò kàn ń sọ pé owó lọ sókè, ọjà lọ sílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò ó, kí nọ́ńbà ṣẹ́kù. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé o mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá rò pé −2 kéré sí 1 á sọ pé àwọn oníbàárà kò sá, nígbà tí wọ́n ti ń sáré.

Àpẹẹrẹ: ibí ni kí o ti lo àkókò

Síláìdì kan lè ní àpẹẹrẹ kan tàbí kó má ní rárá. Ti olùkọ́ ṣe dáadáa láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tìrẹ ni yóò dúró lọ́kàn rẹ. Mú nọ́ńbà tó rọrùn láti pín, kí o sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ìgbésẹ̀ kankan.

Oníbúrẹ́dì kan ń ta búrẹ́dì ní ₦1,000, ó ń ta 50 lójúmọ́. Ó sọ ọ́ di ₦1,200, ó wá ń ta 45.

```
%ΔP = 200 ÷ 1000 = 20%
%ΔQ = −5 ÷ 50 = −10%
PED = 10 ÷ 20 = 0.5
```

Kò tó 1, àwọn oníbàárà kò sá púpọ̀. Má dúró níbẹ̀ o. Bi nọ́ńbà náà ní ìbéèrè kan sí i: bí oníbúrẹ́dì bá dá owó padà sí ₦1,000, tí àwọn ènìyàn sì padà sí 50, ṣé a ó tún rí 0.5?

```
%ΔP = −200 ÷ 1200 = −16.67%
%ΔQ = 5 ÷ 45 = 11.11%
PED = 11.11 ÷ 16.67 = 0.67
```

Ọ̀nà kan náà ni a rìn lọ tí a sì rìn bọ̀, ìdáhùn wa yàtọ̀. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí à ń lọ, 1,000 ni a fi pín. Nígbà tí à ń bọ̀, 1,200 ni. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi máa ń gbé ọ̀nà àárín wá nínú síláìdì tó tẹ̀ lé e, tí kò sì ní kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà àárín fi ìdajì àròpọ̀ owó méjèèjì pín, ó sì ṣe bákan náà fún iye ọjà:

```
%ΔP = 200 ÷ 1100 = 18.18%
%ΔQ = −5 ÷ 47.5 = −10.53%
PED = 10.53 ÷ 18.18 = 0.58
```

Lọ síwájú tàbí padà sẹ́yìn, 0.58 ni. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò mẹ́ta yìí fúnra rẹ̀ kò ní há fọ́múlà ọ̀nà àárín sórí mọ́. Ó ti mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Kọ èyí tí olùkọ́ yín fọwọ́ sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ, béèrè kí ìdánwò tó dé, nítorí pé 0.5 àti 0.58 lè tọ̀nà méjèèjì, kí ẹyọ kan ṣoṣo sì wà nínú ìwé tí ó fi ń máàkì.

Nísinsìnyí, fi owó tó wọlé kún un. Tẹ́lẹ̀, 50 lọ́nà ₦1,000 jẹ́ ₦50,000. Lẹ́yìn rẹ̀, 45 lọ́nà ₦1,200 jẹ́ ₦54,000. Owó gun, ọjà dín, síbẹ̀ owó tó wọlé pọ̀ sí i. Wá mú àpẹẹrẹ tó ṣe ìdàkejì: ẹlẹ́ran páì kan ń ta 80 ní ₦500, ó sọ ọ́ di ₦600, ó wá ń ta 50. Owó gun ní 20%, ọjà ṣubú ní 37.5%, ẹlásítísítì jẹ́ 1.875. Owó tó wọlé ti ₦40,000 bọ́ sí ₦30,000. Tí o bá to àpẹẹrẹ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìlà kan tí olùkọ́ kàn fẹnu sọ nípa owó tó wọlé ti di ohun tí o fojú rí.

Ìlànà mi lórí àpẹẹrẹ kò ju èyí lọ: fún gbogbo ohun tí síláìdì bá sọ, wá ọ̀kan tó bá a mu àti ọ̀kan tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò bá a mu. Wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin ìsàlẹ̀ síláìdì yẹn. Fún “àrọ́pò”, ọ̀pọ̀ máa ń kọ búrẹ́dì sílẹ̀ pé kò lẹ́lásítísítì púpọ̀ nítorí pé oúnjẹ ni. Búrẹ́dì lápapọ̀ lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ilé-iṣẹ́ kan ńkọ́, tí ti ẹlòmíràn wà lórí tábìlì kan náà ní owó tẹ́lẹ̀? Àwọn oníbàárà á kàn na ọwọ́ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Bí a ṣe ń tú ọjà sí wẹ́wẹ́ tó ni àrọ́pò ṣe ń pọ̀ tó. Fún “kòṣeémàní” àti “ìpín nínú owó ẹni”, iyọ̀ kó méjèèjì pọ̀: a kò lè ṣe láìsí i, owó rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan nínú owó oúnjẹ oṣù kan, nítorí náà bó bá fi ìdajì gun, ìwọ̀n kan náà la máa rà.

“Àkókò” ni wọ́n sábà máa ń kọ láìṣàlàyé. Pẹtirólù ló fi hàn kedere jù ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó jálá kan ju ìlọ́po méjì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó ní mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ kò rí ibì kankan sá sí, ó ní láti rà. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni àwọn kan gbé mọ́tò sílẹ̀, tí àwọn mìíràn ra sólà tàbí kí wọ́n sọ ọkọ̀ wọn di ti gáàsì. Ọjà kan náà, ẹlásítísítì rẹ̀ ga sí i bí ọjọ́ ṣe ń pẹ́. Àpẹẹrẹ kan tí o fi ojú ara rẹ rí báyìí gba máàkì ju ìlà mẹ́ta tí o há sórí lọ.

Àwòrán

Bí síláìdì bá ní àwòrán ìlà dìmáǹdì, má ṣe fi fóònù yà á sínú nóòtì. Fi ọwọ́ yà á láìwo síláìdì, kí o kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì (owó ló máa ń dúró lóòró nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, iye ọjà ló máa ń sùn gbọọrọ), lẹ́yìn náà kí o wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ pé bí ìlà ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó kì í ṣe ẹlásítísítì: lórí ìlà dìmáǹdì kan tó tọ́ gbọnrangandan, ẹlásítísítì ga ní òkè níbi tí owó ti wọ́n, ó sì kéré nísàlẹ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé àwọn olùkọ́ máa ń fi dẹkùn nínú ìbéèrè oní-yàn-lẹ́ta.

Ìbéèrè tí wọ́n lè bi

Padà sí ọ̀rọ̀ tí o kọ sórí ìwé láti inú ìbéèrè àtijọ́. Mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí o so ó mọ́ ohun tí o ti kọ. “Fi ìyàtọ̀ hàn” so mọ́ búrẹ́dì lápapọ̀ àti búrẹ́dì ilé-iṣẹ́ kan. “Ṣírò” so mọ́ nọ́ńbà oníbúrẹ́dì, ṣùgbọ́n yí nọ́ńbà padà. Má kọ “Kí ni ẹlásítísítì?” nìkan kí o sì rò pé o ti ṣe iṣẹ́, ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ wà lórí ìlà kan nínú síláìdì, ìbéèrè máàkì méjì ni.

Ìbéèrè tó dára máa ń so síláìdì méjì pọ̀. Bí àpẹẹrẹ: “Ìyá kan ń ta omi oníke nínú ọgbà yunifásítì, àwọn mìíràn mẹ́ta sì ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi owó kún tirẹ̀ nìkan. (a) Sọ ìtumọ̀ ẹlásítísítì dìmáǹdì. (b) Ó ń ta 200 ní ₦50. Bó bá sọ ọ́ di ₦60, yóò máa ta 120. Ṣírò ẹlásítísítì rẹ̀. (d) Gbà á nímọ̀ràn.” Pín máàkì sí i fúnra rẹ: 2 fún ìtumọ̀ tí egungun mẹ́ta rẹ̀ pé, 4 fún ìṣirò, 4 fún ìmọ̀ràn. Ìṣirò rẹ̀: owó gun ní 20%, ọjà ṣubú ní 40%, ẹlásítísítì jẹ́ 2. Owó tó wọlé ti ₦10,000 di ₦7,200. Nínú máàkì 4 fún ìmọ̀ràn, fún ara rẹ ní 1 bí o bá sọ pé kó má fi owó kún un, 1 bí o bá tọ́ka sí 2, 1 bí o bá tọ́ka sí owó tó wọlé, 1 bí o bá sọ pé àwọn mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àrọ́pò tó fà á. Ẹni tó bá ti pín máàkì lẹ́ẹ̀kan báyìí á mọ ìdí tí ìdáhùn gígùn kan fi lè gba 2 péré nínú 10: gbogbo rẹ̀ wà lórí ìtumọ̀.

Ìbéèrè bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún orí-ọ̀rọ̀ kan. Kọ ìdáhùn wọn sí ojú ìwé mìíràn, má jẹ́ kí wọ́n wà lábẹ́ ìbéèrè.

Bí o ṣe lè mọ̀ pé nóòtì náà kò dára

Bó bá gùn tó síláìdì tí kò sì ní nọ́ńbà kankan nínú, ẹ̀dà lo ṣe. Bí ìtumọ̀ rẹ bá pé ṣùgbọ́n tí o kò lè sọ ohun tó máa bàjẹ́ bí o bá yọ ẹyọ kan, o há a sórí ni. Bí gbogbo ìbéèrè rẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kí ni”, ìdajì iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Má sì ṣe fi kíkà á léraléra dán an wò. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe ìwádìí lórí èyí ní 2006. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún ìwé kà, kí àwọn mìíràn pa á dé kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ń yọ̀ dáadáa lójú rẹ nígbà tí ò ń kà á lálẹ́ òní, kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ nípa ọjọ́ ìdánwò. Bo apá ọ̀tún ìwé, dáhùn ìbéèrè apá òsì, fi pẹ́ńsù fa àmì sí èyí tó bá kọ̀, kí o tún padà sí àwọn tó kọ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì, kí o sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun kan wà tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe. Bí o kò bá sí ní kíláàsì, o kò lè ronú dé ibi tí olùkọ́ sọ̀rọ̀ dé. Wá nóòtì ẹnì kan tó wà níbẹ̀, fi síláìdì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì wá ohun tó wà nínú ti ọ̀rẹ́ rẹ tí kò sí lórí síláìdì. Ohun tí ẹni méjì bá kọ sílẹ̀ tí síláìdì kò kọ, fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí olùkọ́ náà bá ti ní “ẹ kọ èyí sílẹ̀” ni irú rẹ̀ sábà máa ń wá, ibẹ̀ sì ni kí o ti kọ́kọ́ ṣe ìbéèrè.